Gúrúùpù Tí Mo Ṣí fún Ìyá Ẹ̀ṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹ̀ṣẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi rẹ́rìn-ín. Imú rẹ̀ ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, eyín mẹ́ta ni kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bí ó bá sì di ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ ó rí i pé eegun ìka kan ti kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kan ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo jókòó ní ìlà iwájú, tí mo rí i bó ṣe gbá obìnrin kan tó ga jù ú lọ ní àgbọ̀n, tí ẹ̀jẹ̀ fi ta sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀. Wọ́n gbé obìnrin náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí Màmá rí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́, mo bá jù ú nù.

Nígbà tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó háyà ilé gbọọrọ kan tí àwọn oníṣẹ́ igi ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀. Ó so àpò ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin kọ́ òrùlé, ó tẹ́ ẹní rọ́bà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin bí wọn ó ṣe gba ara wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lù wọ́n. Kò sí ìkẹ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Yóò fún ọrùn rẹ ní tòótọ́, títí ojú rẹ yóò fi máa ṣókùnkùn, yóò wá rọra bi ọ́ pé kí ló kàn. Bí o kò bá ṣe ohun tó kàn, kò ní í fi ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń sunkún. Ìyàwó olùkọ́ kan bì sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní àkísà, ó ní kí ó nù ún, kí ó sì padà wá dúró síbi tó wà. Mo bínú sí i lọ́jọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó olùkọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dé.

Títún fóònù ṣe ni iṣẹ́ tèmi. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń ya àwọn ẹ̀kọ́ náà ní fídíò, tí mo ń gbé wọn sí péèjì wa lórí ayélujára. Fóònù kan ṣoṣo la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Fóònù yẹn kan náà ni nọ́ńbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é. Mo ti sọ fún un pé ká ra òmíràn. Ó ní ojú méjì péré ni òun ní, ó sì tó òun láti rí ayé.

Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń tẹ̀lé wa di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì. Orí mi wú. Mo máa ń sọ iye náà fún àwọn oníbàárà mi láìjẹ́ pé wọ́n bi mí. Àfi ìgbà tí a gbé fídíò kan síta, níbi tí ìgúnpá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ba imú ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé àyà rẹ̀, tó sì ń kọ́ni lọ bí ẹni pé omi ló ta sí i lára. Ní ọjọ́ kejì, péèjì wa kò ṣí mọ́. Àwọn tó ni ìkànnì ayélujára náà kọ̀wé pé a ń tan ìwà ipá kálẹ̀. Mo kọ èsì, mo tún un kọ. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, kì í ṣe ènìyàn. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko la kò fi lè bá ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lu àpò ẹ̀ṣẹ́ kan títí ó fi fàya, tí iyanrìn inú rẹ̀ dà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pè mí jókòó, ó ní, "Ayálégbé ni wá níbẹ̀. Bí onílé bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ẹrù wa wà nínú ilé, àwa wà níta. Wá nǹkan ṣe sí i."

Ohun tó yẹ kí n ṣe, mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Mo lọ síbì kan lórí ayélujára tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tọ́jú àdírẹ́sì ímeèlì, mo ṣe fọ́ọ̀mù kan tí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ orúkọ kan, èyíkéyìí tó bá wù ú, àti ímeèlì rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà kékeré kan yóò lọ bá a pé kó tẹ ibì kan láti fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Bí a bá wá kọ lẹ́tà, yóò dé ọ̀dọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lágbájá kò ní í mọ̀ pé tàmẹ̀dù wà níbẹ̀. Ìwé orúkọ yẹn, tiwa ni. Bí a bá fẹ́, a lè gbé e kúrò níbi tí a fi í sí lọ sí ibòmíràn, kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́ wa lójú. A tún ṣèlérí ẹ̀bùn: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò gba fídíò ẹ̀kọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń já ọwọ́ ẹni tó fún ni lọ́rùn, èyí tí a kò gbé sí péèjì rí.

Àmọ́ ó ń falẹ̀. Bí mo bá gbé líǹkì fọ́ọ̀mù náà sí péèjì, àwọn tó ń rí ọ̀rọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn a dín kù, nítorí onílé kò fẹ́ kí á kó èrò jáde kúrò nílé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló kọ ímeèlì wọn sílẹ̀. Nínú wọn, àádọ́wàá péré ló padà lọ tẹ ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ti àwọn yòókù, lẹ́tà wa ti kó sínú àpótí tí wọ́n ń da lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ sí. Àádọ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì. Inú bí mi. Àwọn obìnrin náà fúnra wọn ń kọ̀wé pé ta ló ń ka ímeèlì láyé ìsinsìnyí, pé kí ni kò jẹ́ kí á ṣí gúrúùpù sórí fóònù, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Mo bá ṣí gúrúùpù. Oríṣi kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló ń sọ̀rọ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í rí nọ́ńbà ara wọn. Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà kan sì wà láti máa yẹ ènìyàn wò lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Mo mọ ìyẹn náà. Mo ní èyí kò ní í dùn, wọn ò ní í lè fọ̀rọ̀ wérọ̀, yóò sì fà wá sẹ́yìn. Oríṣi tí gbogbo ènìyàn ń lò ni mo ṣí, mo sì gbé líǹkì rẹ̀ sójú péèjì gbangba. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ènìyàn ó lé ti wọlé. Mo sáré lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó ń di aṣọ mọ́ ọwọ́ fún ẹ̀kọ́ àárọ̀, kò sì gbójú sókè.

"Ta ló lè wọbẹ̀?" ló bi mí.

"Ẹnikẹ́ni tó bá wù ni, Ẹ̀gbọ́n," ni mo fi ìgbéraga dáhùn.

Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ fóònù sílẹ̀ fún onífóònù, mo ní èmi náà kì í kọ́ ọ bí a ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí lára títí di òní.

Aránṣọ kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọdún kan ṣáájú ló ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ní ìlú míràn, pẹ̀lú àpò kan àti orí máṣíìnì rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àpá ìka márùn-ún wà lọ́rùn rẹ̀, a lè kà wọ́n. Ọkọ yẹn ti búra níwájú ẹbí méjèèjì pé ibi tí òun bá ti rí i ni òun yóò pa á sí, ẹni tó bá sì ti rí àpá ọrùn yẹn kò ní í pe ìbúra náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ti yí nọ́ńbà padà, ó ti yí àdúgbò padà. Lórí péèjì wa, Abẹ́rẹ́ ló pe ara rẹ̀, kò sí àwòrán ojú, kò sí orúkọ. Ọkùnrin náà mọ péèjì wa, nítorí ó ti bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń wò ó nígbà kan, ó sì tìtorí rẹ̀ fọ́ fóònù rẹ̀ mọ́ ògiri. Láti ìgbà tó ti sá lọ ni ọkùnrin yìí ti ń ka gbogbo ohun tí àwọn obìnrin ń kọ sábẹ́ fídíò wa, ó ń wá a. Lẹ́yìn náà la tó mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì, Abẹ́rẹ́ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ó wọ inú gúrúùpù tí mo ṣí. Ọkọ rẹ̀ náà wọ̀ ọ́, pẹ̀lú àwòrán òdòdó àti orúkọ tí ẹnikẹ́ni yóò rò pé ìyá ọlọ́mọ kan ni. Ní ọjọ́ kẹrin, aránṣọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Ṣe ló ń dúpẹ́. Ó ní òun ti lè sùn láìfi àga há ilẹ̀kùn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè ohùn náà gedegbe, bí ti gbogbo wa. Ọkọ rẹ̀ kò nílò orúkọ. Ó mọ ohùn.

Kò pè é fúnra rẹ̀. Ó ní kí obìnrin kan bá òun pè é, kí ó sọ pé òun ní aṣọ mẹ́fà tí òun fẹ́ rán, pé níbo ni ìsọ̀ wà. Aránṣọ ni, oníbàárà ló pè é. Ó júwe ọ̀nà.

Ọjọ́rú ni, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. À ń ya fídíò. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀ nígbà tí a bá ti wó lulẹ̀ hàn, ìgbà kẹta tí a ó yà á nìyẹn, ó sì ń lọ dáadáa. Fóònù dún lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé Aránṣọ ni. Mo gé e, kí fídíò má bàa bàjẹ́. Ó tún dún, mo tún gé e. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n mi dìde kúrò nílẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí. Mo gbọ́ igbe láti inú fóònù níbi tí mo dúró sí, mo sì gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n ta tábìlì dànù. Ó ti ń sáré kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Òpópónà méjì ló wà láàárín wa àti ìsọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, orúnkún rẹ̀ kan kò dáa, mi ò sì lè bá a. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wọlé. Inú ìsọ̀ yẹn kò gbòòrò, máṣíìnì wà ní ẹnu ọ̀nà, tábìlì ìgé-aṣọ ní ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà fi orúnkún tẹ Aránṣọ láyà mọ́lẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti fún un lọ́rùn, Aránṣọ ti já ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ti fi orí gbá a nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu ọkùnrin náà. Ohun tó wá mú ni àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ó ń tì í bọ̀ wá sí ọ̀fun rẹ̀, Aránṣọ sì di ojú abẹ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀. Kò pariwo mọ́. Gbogbo agbára rẹ̀ ló wà ní ọwọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọkùnrin náà lẹ́yìn etí. Ó gbá a ní ìhà. Àlùmọ́gàjí jábọ́. Ó fi kọ́là gbé e dìde, ó sì gbá a ní àgbọ̀n, mo gbọ́ bí eegun ṣe kán, kẹ́ẹ́, bí igi gbígbẹ. Ọkùnrin náà ṣubú lu máṣíìnì, ó yí sílẹ̀, kò gbéra mọ́. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì í, ó sì ń lù ú lọ. Mo ka mẹ́rìnlá. Ó ń lù ú láìsọ̀rọ̀, láìmí gúlegúle, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tètè yá mi lára láti dá a dúró; mo fẹ́ kó kú. Ó pẹ́ kí n tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ti dúró, fóònù wọn ti wà lókè, wọ́n ń yà wá.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán ọwọ́ Aránṣọ fún wákàtí mẹ́ta. Iṣan tó ń mú ìka mẹ́ta ká ti gé. Dókítà ní ọwọ́ náà yóò wà níbẹ̀, àmọ́ kí ó má retí pé yóò tún fi di abẹ́rẹ́ mú. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí á wọlé, ẹ̀gbọ́n mi bi í báwo ni ọkùnrin náà ṣe rí i. Kò wo ojú mi nígbà tó ń dáhùn.

"Ohùn mi ló gbọ́ nínú gúrúùpù yẹn, mà. Òun ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́, ó yíjú sí mi, ó sì gbá mi níkùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, ìgbà tí mo jí owó rẹ̀ pàápàá. Mo ṣubú, mo bì, mi ò rí èémí mí. Ó dúró lórí mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti wá mú un, nítorí ẹni tó fọ́ àgbọ̀n ènìyàn ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà tó wá jẹ́rìí. Ọkùnrin náà ṣì wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń fi ọ̀pá tín-ín-rín fa oúnjẹ olómi mu. Mi ò káàánú rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, fídíò ìjà náà ti kárí ayé, wọ́n sì ti fi orúkọ péèjì wa mọ́ ọn. Àwọn onílé kọ̀wé sí wa ní ìlà méjì. Wọ́n ti pa péèjì náà rẹ́, kò sí àtúngbéyẹ̀wò. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì lọ bí ẹni pé wọn kò wà rí. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò bú sẹ́kún nígbà tó bá gbọ́. Nígbà tó jáde, mo sọ fún un. Ó ní gúrúùpù ńkọ́. Mo ní mo ti fẹ́ tì í pa.

"Bí o bá tì í pa, ṣé àwọn tó ti rí nọ́ńbà á gbàgbé nọ́ńbà?"

Mo ní rárá. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó dáa. Da gbogbo nọ́ńbà wọn kọ sínú ìwé, kí o tó tì í. Ìwọ lo ó pè wọ́n. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sọ ohun tí o ṣe fún wọn, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń sá fún ẹnì kan."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pè wọ́n, mo ti ìsọ̀ mi pa. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé méjìlá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi kò tó nǹkan. Àwọn kan fi mí bú, wọ́n fi bàbá mi bú, mo sì ní ẹ ṣeun. Àwọn kan kò ní ohùn obìnrin, wọ́n kàn gé fóònù. Ọkùnrin kan gbé fóònù ìyàwó rẹ̀, ó ní ta nìyẹn. Mo ní mo ṣi nọ́ńbà pè. Ó ní kí n má parọ́ fún òun. Mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé òun kò mọ ẹni náà, òun kò mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ró lójú ẹnì kan, fóònù sì kú. Mi ò lè pè padà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ìlú tó wà. Mo pe nọ́ńbà tó kàn, torí pé bí mo bá dúró, mi ò ní í tún lè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá fún ẹnì kan, jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n yí nọ́ńbà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n má sì dá ẹni tí wọn kò mọ̀ lóhùn. Méjì nínú wọn ti ń gba ìpè àjèjì kí n tó pè. Wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n wà.

Mo bi gbogbo wọn bóyá wọ́n fẹ́ máa gba lẹ́tà wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bí yóò ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ tòótọ́. Kí wọ́n ṣí ímeèlì tuntun tí ẹni tó wà nílé kò mọ̀. Kí orúkọ tiwa má hàn lókè lẹ́tà, kí àkọlé rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń ta ìkòkò, tó jẹ́ pé bí ọkọ bá yọjú wò ó, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Mi ò bá a jiyàn lórí ẹyọ kan níbẹ̀. Pẹ̀lú àádọ́wàá ti tẹ́lẹ̀, ìwé orúkọ wa di ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì tẹ ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀.

Aránṣọ ti fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti fi ilé rẹ̀ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, ìsọ̀ náà ti ní ẹlòmíràn, máṣíìnì náà ló tà fún ẹni tó gba ibẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́dọ̀ wa nípa rẹ̀ ni ímeèlì rẹ̀, nítorí ó wà lára àádọ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ mẹ́ta kọ lẹ́tà kìíní. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ̀kọ́, ìdajì yòókù, ó ní fún gbogbo ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà mọ ẹni tó ń bẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi ibi tí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ lè tẹ̀ láti jáde sí, bó ṣe yẹ.

A rán an ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi nínú aṣọ tó fi ṣiṣẹ́, ó ń run òógùn. Ó ní kí n sọ fún òun bí Aránṣọ bá ṣí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi di èjìká mi mú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé orúkọ náà dín ẹyọ kan. Mo wo ẹni tó jáde.

Mo sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká mi síbẹ̀.

"Ṣé a lè mọ ibi tó wà?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọ̀nà mọ́ tí a lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ pa àdírẹ́sì rẹ̀ rẹ́ pátápátá, mo lè pa á rẹ́."

"Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ lórí ẹní rọ́bà, tó gbé ojú sínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó sì sunkún bí mi ò ṣe rí i kó sunkún rí, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn.